Sólò lórí d r m s l: kí ló dé tó fi ń bá orin púpọ̀ mu, níbo ló sì ti ń já ni kulẹ̀?

Onídùùrù Ọ̀mù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olórin. Wọ́n kọ́ mi pé bí mo bá yọ f àti t kúrò nínú sọlifá, márùn-ún tó kù á bá orin yòówù mu, ìbáà ṣe háíláìfù, jùjú, orin ìyìn tàbí régè. Mo ti ń ṣe é, kò sì sí èyí tó dún bí àṣìṣe pátápátá. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ń dà mí láàmú. Bí kọ́ọ̀dù bá dé orí ìkarùn-ún, tí mo sì dúró lórí d, ó máa ń dún bíi pé èmi nìkan ni mo wà níta. Èkejì ni pé sólò náà kì í sọ nǹkan kan, bí ẹni tó kàn ń gun àkàbà lọ sókè sódò ni.

Kíì F# ni ọwọ́ mi mọ̀, mo máa ń fi tíráńsípóòsì gbé e lọ síbi tí akọrin bá wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù?

Lídì Gìtá Tánkẹ̀

Àbúrò, méjọ̀ lò ń tẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ta sánsán. Kíì tí bándì bá wà, pẹ́ńtà máínọ̀ kíì yẹn gan-an ni kó o mú. Bí wọ́n bá wà ní F, lo F, Ab, Bb, C àti Eb. Lórí gìtá, fúrẹ́ẹ̀tì kìíní tàbí ìkẹtàlá ni ọwọ́ máa wà. Àwọn oníbúlúùsì ń fi í rìn lórí kọ́ọ̀dù kìíní, ìkẹrin àti ìkarùn-ún láìyí ọwọ́ padà, ó sì ń dùn. Ibi gbogbo ló ti ń ṣiṣẹ́.

Sasofóònù Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará, tèmi tilẹ̀ burú ju ti oníbéèrè lọ. Áátò ni mò ń fọn. Bí bándì bá wà ní F, F, G, A, C, D ni mò ń fọn, pẹ́ńtà F geere. Síbẹ̀, àwọn ará bándì máa ń wò mí. Nígbà mìíràn ó máa ń dún bí ẹkún, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ máa ń dùn díẹ̀. Lójú tèmi o, síkéèlì yìí kò bá orin ìyìn mu, ẹ má jẹ́ ká máa tan ara wa.

Ọ̀gá Akọrin Ọ̀fà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Àjàṣẹ́ lóhùn, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti Tánkẹ̀ jọ pàdé síbì kan náà láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ̀.

Áátò kì í dún bó ṣe wà lára ìwé. Bó o bá fọn F lórí rẹ̀, Ab ló ń jáde sétí àwọn tó kù. G rẹ ń dún bíi Bb, A rẹ bíi C, C rẹ bíi Eb, D rẹ bíi F. Wá to àwọn tó jáde jọ: F, Ab, Bb, C, Eb. Pẹ́ńtà máínọ̀ F tí Lídì Tánkẹ̀ ní ká máa lò níbi gbogbo gan-an nìyẹn! Nítorí náà, Àjàṣẹ́, síkéèlì kọ́ ló dà ọ́. Bí bándì bá wà ní F, D ni kíì tìrẹ lórí áátò: D, E, F#, A, B. Bí wọ́n bá wà ní G, E ni tìrẹ. Ẹni tó ń fọn tẹ́nọ̀ tàbí kàkàkí òyìnbó alátẹ̀ mẹ́ta, tí ìwé rẹ̀ wà ní Bb, á lọ sókè ní ìṣísẹ̀ kan péré: F bándì á di G fún un.

Ìdí tó fi máa ń dún bí ẹkún, tó tún ń dùn díẹ̀, nìyí. Kọ́ọ̀dù F ní A nínú. Ìwọ ń mú Ab wá. Bọ́tìnnì méjèèjì fara kan ara wọn, wọ́n á sì máa jà. Nínú búlúùsì, etí ti gbà bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀dù búlúùsì fúnra rẹ̀ máa ń gbé Eb dání láti ilẹ̀, onígìtá náà kì í sì í fi Ab sílẹ̀ gedegbe, ó máa ń fi ìka ti okùn náà sókè díẹ̀ kó lè sún mọ́ A. Ìjà yẹn gan-an ni adùn búlúùsì. Ṣùgbọ́n nínú háíláìfù tàbí orin ìjọsìn tí akọrin ń kọ m tó mọ́lẹ̀ kedere, tí gìtá kejì náà ń ta m yẹn léraléra, Ab á dún bí ẹni tí kò gbọ́ kíì. Torí náà, Lídì Tánkẹ̀, ohun tẹ́ ẹ sọ tọ̀nà fún búlúùsì àti àwọn orin tó bá a tan. Kì í ṣe ibi gbogbo.

Lídì Gìtá Tánkẹ̀

Ó dáa, mo gbà ti Ab. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ọwọ́ kan náà ni mo fi ń ta méjọ̀ o. Bí mo bá gbé e lọ sí fúrẹ́ẹ̀tì kẹwàá, pẹ́ńtà máínọ̀ D ni, F, G, A, C, D náà ló sì máa jáde. Torí náà máínọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣì jẹ́.

Ọ̀gá Akọrin Ọ̀fà

Ohùn kan náà ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tí ilé wà ló yàtọ̀. Bí béèsì bá ń padà sí F, d ni ilé, orí F sì ni gbólóhùn rẹ á ti sinmi. Bí béèsì bá ń padà sí D, bó ti máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ régè àtàwọn orin ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, l ni ilé. Ọwọ́ rẹ ò ní yí kúrò ní fúrẹ́ẹ̀tì kẹwàá, ṣùgbọ́n ibi tó o máa dúró sí á yí.

Ó wá kan Ọ̀mù-Àrán báyìí. Wo sọlifá méjèèje dáadáa. Ibi méjì péré ni ohùn méjì ti fara kan ara wọn láìsí bọ́tìnnì kankan láàárín wọn: m sí f, àti t sí d. Bó o bá yọ f, ìfarakanra àkọ́kọ́ kúrò. Bó o bá yọ t, ìkejì kúrò. Nínú márùn-ún tó ṣẹ́ kù, kò sí méjì tó ń ha ara wọn mọ́. Gbé ọwọ́ lé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí dùùrù, wàá gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Tìrẹ tilẹ̀ rọrùn, torí nínú F#, àwọn bọ́tìnnì dúdú márààrún ni.

Nǹkan kejì tún lọ pẹ̀lú f àti t. Tẹ àwọn méjèèjì pọ̀, wàá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fà: t ń fẹ́ lọ sí d, f ń fẹ́ wálẹ̀ sí m. Ìfà yẹn ló ń sọ fún etí pé kọ́ọ̀dù ìkarùn-ún ti dé, a ti fẹ́ wọlé. Márùn-ún tó kù kò ní ìfà bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kéde kọ́ọ̀dù kankan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè jókòó lórí kọ́ọ̀dù púpọ̀ nínú orin oríṣiríṣi. Ohun kan náà ló sì ń kó bá ọ: bí o kò bá yan ibi tó o máa dúró sí, sólò rẹ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé kọ́ọ̀dù yí padà rárá.

Ti d lórí kọ́ọ̀dù ìkarùn-ún: s, t àti r ló wà nínú kọ́ọ̀dù yẹn. Ọwọ́ òsì rẹ, tàbí ẹlòmíràn nínú bándì, ń tẹ t. Ìwọ dúró lórí d. Ìfarakanra tó o yọ kúrò nínú síkéèlì ti gba ẹ̀yìn wọlé, láàárín ìwọ àti kọ́ọ̀dù báyìí. Bó o bá kàn gba orí d kọjá, kò sí wàhálà. Bó o bá dúró síbẹ̀ fún kíkà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ta síta nìyẹn.

Onídùùrù Ọ̀mù-Àrán

Háà! Òye ti yé mi. Níbo ni kí n wá máa dúró sí, ẹ̀gbọ́n?

Ọ̀gá Akọrin Ọ̀fà

Dúró lórí èyí tí ìwọ àti kọ́ọ̀dù jọ ní. Lórí kìíní, d, m àti s ni. Lórí ìkẹrin, d àti l. Lórí ìkarùn-ún, s àti r. Lórí ìkẹfà máínọ̀, l, d àti m, gbogbo kọ́ọ̀dù náà pátá. Lórí ìkejì máínọ̀, r àti l. Àwọn tó kù kì í ṣe èèwọ̀, ọ̀nà ni kí wọ́n jẹ́ fún ọ, kì í ṣe ibùjókòó. Èmi máa ń fẹ́ràn m lórí kọ́ọ̀dù ìkẹrin nínú orin ìjọsìn tó lọ jẹ́jẹ́, ó máa ń dùn gan-an bó bá wà lókè, tó jìnnà sí f tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi báà mẹ́rin ṣe é, kíkà mẹ́rin nínú báà kan. Kọ́ọ̀dù wà lápá òsì, òdo ni kí o dákẹ́, ìlà kékeré ni kí o fa ohùn náà lọ:

```
F  | 0   m   s   l |
Bb | d'  -   l   s |
C  | r   -   m   s |
F  | m   -   -   0 |
```

Wo bó ṣe rìn. A kò bẹ̀rẹ̀ lórí kíkà àkọ́kọ́, a jẹ́ kí béèsì wọlé ṣáájú. Nígbà tí Bb dé, orí d òkè la balẹ̀ sí, ó sì wà nínú Bb. Nígbà tí C dé, a fò láti s wá sí r, G nìyẹn, ó wà nínú C. Fífò yẹn gan-an ló jẹ́ kí etí gbọ́ pé kọ́ọ̀dù ti yí. A wá sinmi lórí m, kì í ṣe d, torí bí gbogbo gbólóhùn bá ń parí sórí d, bí àdúrà tó ti ṣe àmín ló ń rí, kò sí ibi tí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e máa gbà.

Bó o bá fẹ́ kí ó wọlé ṣinṣin, yá t lò fún kíkà kan ṣoṣo nínú báà kẹta, kó o sì yí báà kẹrin padà:

```
C  | r  -  d  t |
F  | d  -  -  0 |
```

Rí i pé d tó wà lórí C níbẹ̀ kò dún bí àṣìṣe mọ́. Ọ̀nà ló ń bá lọ sí t. Lórí bọ́tìnnì F# tìrẹ, t ni bọ́tìnnì funfun F, f sì ni bọ́tìnnì funfun B. Tíráńsípóòsì rẹ wà ní -1 kó tó lè dún ní F, ìwọ ṣáà máa tẹ dúdú rẹ lọ.

Onibéèsì Ọ̀rọ̀

Ọ̀gá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mi ò bá yín lọ lórí yíyá t. Bó bá jẹ́ orin ìbílẹ̀ tiwa, t yẹn máa ń mú un dún bí orin ìwé ìsìn. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa orí márùn-ún ló dúró. Ẹ wo dàdàkúàdà ní Ìlọrin níbí, ohùn àti ìlù ni, kò sí kọ́ọ̀dù ìkarùn-ún tó máa bá d jà. Àwa la mú kọ́ọ̀dù wá, ká tó wá máa wá oògùn fún un. Èmi á ní kí onídùùrù yọ t kúrò nínú kọ́ọ̀dù ọwọ́ òsì rẹ̀, kó tẹ s àti r nìkan. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, d tí sólò dúró lé kò ní rí ẹni bá jà.

Kí àwọn onísólò sì máa dákẹ́ nígbà tí akọrin bá ń kọ ẹsẹ. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀gá Akọrin Ọ̀fà

Yíyọ t kúrò ní ọwọ́ òsì dára, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, pàápàá bí orin bá jẹ́ lílé àti gbígbè. Àmọ́ bí gìtá kejì bá ṣì ń ta t, òfo ni. Bándì gbọ́dọ̀ fẹnu kò. Ti pé t ń ba orin ìbílẹ̀ jẹ́, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo orin. Ẹni tó bá fẹ́, kó gbọ́ méjèèjì wò kó tó yàn.

Alóhùn Ìlọrin

Ẹ kú ìjíròrò o. Akọrin ni mí, mi ò mọ dùùrù tẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kan ti oníbéèrè tó ní sólò òun kì í sọ nǹkan kan. Àwa tá à ń kọrin, ọ̀rọ̀ ló ń darí wa. Bí mo bá fẹ́ kọ "Ẹ kú àbọ̀", ohùn mi á wà láàárín, á lọ sókè, á wá sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin onílù gángan pàápàá mọ èyí. Kí ló dé tí onídùùrù kò fi lè ronú gbólóhùn kan kó tó tẹ nǹkan?

Ìbéèrè tèmi: nínú sẹ́ńwẹlẹ̀ àti wákà, ibi kan wà tí a máa ń yí ohùn bíi ti kéwú. Gbogbo ìgbà tí onídùùrù bá fi márùn-ún yìí bá mi lọ síbẹ̀, ó máa ń fà mí kúrò lójú ọ̀nà.

Ọ̀gá Akọrin Ọ̀fà

Ẹ ṣeun, màámi. Ohun tẹ́ ẹ sọ lórí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ gan-an. Ọ̀mù-Àrán, mú "Ẹ kú àbọ̀" yẹn. Lórí dùùrù ó lè jẹ́ r m d d. Kò pọn dandan kó jẹ́ mẹ́ta yẹn. Ó lè jẹ́ m s d d, ó lè jẹ́ s l m m, bí ti òkè bá ṣáà ti ga ju ti àárín lọ, tí ti ìsàlẹ̀ sì relẹ̀ jù ú lọ. Mú "Ó ti dé" tẹ̀ lé e: m r m, tàbí l s l. Gbólóhùn kúkúrú méjì, ìdákẹ́ láàárín wọn. Ṣe é lórí báà mẹ́rin tí mo kọ sókè, kó o sì wá bí wàá ṣe mú kí ìró tó kẹ́yìn gbólóhùn bọ́ sórí ohùn kọ́ọ̀dù. Fi ìlù kíbọ́ọ̀dù sí 80, ohùn mẹ́ta péré ni kó o gbà ara rẹ láyè láti lò, d r m ní àkọ́kọ́, r m s lẹ́yìn náà, m s l níkẹyìn. Ẹni tó ní márùn-ún lọ́wọ́ máa ń sáré. Ẹni tó ní mẹ́ta á wá ohun mìíràn ṣe: á fa ohùn kan gùn, á tún ọ̀kan tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́.

Gbà á sórí fóònù, kó o pa dùùrù, kó o gbìyànjú láti fi ẹnu kọ ohun tó o tẹ̀. Èyí tí ẹnu rẹ kò bá lè gbé, ìka ló ń sáré, orin kọ́.

Ti ibi tẹ́ ẹ ti ń yí ohùn, màámi, ó ní ìdí. Bí ilé yín bá jẹ́ D, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ máa lo Eb tó fara kan ilé, kẹ́ ẹ wá fò lọ sí F#, kẹ́ ẹ tó kan G àti A. Kò sí pẹ́ńtà kankan nínú àwọn tá a ti ń sọ tó ní Eb àti F# yẹn pọ̀ mọ́ D. Máínọ̀ D ní F, F ń bá F# yín jà. Bí onídùùrù bá gbọ́ pé ẹ ti wọ ibẹ̀, kó fi D, G àti A nìkan gbè yín, kó fi ìyókù sílẹ̀.

Alóhùn Ìlọrin

Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn Eb yẹn kì í rí bí Eb orí dùùrù rárá. Ó máa ń ga jù ú lọ díẹ̀, kò sì tó E.

Onibéèsì Ọ̀rọ̀

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí dùùrù dákẹ́, kí béèsì di D mú. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Sasofóònù Àjàṣẹ́

Fèrè lè fi ètè tẹ ohùn wálẹ̀ tàbí gbé e sókè díẹ̀ kó lè bá màámi, ṣùgbọ́n ó gba etí. Ọ̀gá, mo ti dán D, E, F#, A, B yẹn wò pẹ̀lú orin tó wà ní F lórí fóònù. Ó bọ́ sí i pátápátá! Ibì kan ṣoṣo ló ṣì ń ha. Kọ́ọ̀dù kan wà tí wọ́n máa ń fi bọ́ sórí ìkẹfà, onídùùrù wa ní A7 ni. Lórí ẹ̀, s mi máa ń dún burúkú.

Ọ̀gá Akọrin Ọ̀fà

Ibẹ̀ gan-an ni. A7 ní C# nínú, s kíì F sì jẹ́ C. Kọ́ọ̀dù yẹn ti gbé s sókè, ìwọ ò tíì gbé e. Àwọn olórin ìyìn fẹ́ràn kọ́ọ̀dù náà gan-an, torí náà mọ bó ṣe ń dún kó tó dé. Ọ̀nà méjì ló wà. Dúró lórí m tàbí r, àwọn méjèèjì wà nínú A7. Tàbí kó o gbé s sókè sí se fún ìgbà tí kọ́ọ̀dù náà bá fi wà, kó o sì gba ibẹ̀ bọ́ sórí l nígbà tí D máínọ̀ bá dé. Lórí áátò tìrẹ, A# ni se yẹn, B ni l. Ọ̀mù-Àrán, lórí F# tìrẹ, bọ́tìnnì funfun D ni.

Nínú jáàsì tí irú kọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn ní kíkà méjì-méjì, márùn-ún kíì kan kò lè gbé ẹ dé òpin. Ibẹ̀, pẹ́ńtà mìíràn ni wọ́n máa ń bọ́ sí lórí kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan.

Lídì Gìtá Tánkẹ̀

Ọ̀gá, a tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú háíláìfù, àbí? Lórí kọ́ọ̀dù Bb, kí n lọ sí pẹ́ńtà Bb, lórí C, kí n lọ sí pẹ́ńtà C?

Ọ̀gá Akọrin Ọ̀fà

Ó ṣeé ṣe. Bb, C, D, F, G lórí Bb. C, D, E, G, A lórí C. Kò sí èyí tó jáde kúrò nínú kíì F nínú wọn, f àti t ló kàn ń wọlé ní àkókò tí kọ́ọ̀dù tiwọn dé. Lórí gìtá, fúrẹ́ẹ̀tì kẹta ni ọwọ́ ti Bb, ìkarùn-ún ni ti C. Ibi tí ó ti ń bà jẹ́ ni pé ọwọ́ á máa fò kiri, gbólóhùn á sì já sí méjì ní gbogbo ìgbà tí kọ́ọ̀dù bá yí. Kó o máa wá ohun tó sún mọ́ ọ jù lọ láti ibi tó o wà, má máa padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àpótí kọ̀ọ̀kan.

Onídùùrù Ọ̀mù-Àrán

Mo ti tẹ báà mẹ́rin yẹn, èyí tó ní t àti èyí tí kò ní. Mo gbọ́ ìyàtọ̀. Èmi àti gìtá kejì wa á jọ sọ̀rọ̀ lórí t ọwọ́ òsì. Ìbéèrè kan ló kù: bí akọrin bá bẹ̀rẹ̀ orin láìsọ kíì, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ kíákíá bóyá d ni ilé tàbí l?

Onibéèsì Ọ̀rọ̀

Gbọ́ mi. Jẹ́ kó kọ ẹsẹ kan tán kó o tó tẹ ohunkóhun. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá balẹ̀ sí lẹ́yìn ẹsẹ, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ fi béèsì sí.

Alóhùn Ìlọrin

Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ o. A máa ń fi ẹsẹ sílẹ̀ lórí r tàbí s kí àwọn elégbè lè gbà á. Orí ègbè ni kó o ti gbọ́ ọ.